Orí Keje: Kí ló dé tí ohun tí mo ti kà tún fi ń yọjú lójú-ewé kejì?

Ẹni tó bá ń ka ìròyìn lórí fóònù yóò ti rí i rí. Ó ka ogún àkọlé àkọ́kọ́ tán, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń lọ sí ojú-ewé kejì, àkọlé méjì tàbí mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tún wà lókè ibẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Àwọn kan a ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, àwọn mìíràn a ní fóònù ti gbó. Wọ́n ń bú ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọ̀nà tí ẹni tó kọ ètò náà gbà ń bu àkójọ gígùn fún òǹkàwé ló fà á. Ọ̀nà kan náà yìí sì tún máa ń ṣe ohun tó burú ju àtúnkà lọ: ó máa ń fo nǹkan kọjá. Èyí tó jáde lẹ́ẹ̀mejì, a rí i, a sì bínú sí i. Èyí tí wọ́n fò, a ò ní mọ̀ pé ó wà rárá.

Kò sí ètò tí yóò kó mílíọ̀nù kan àkọlé wá sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ńṣe ló ń bù ú díẹ̀díẹ̀, ogún, àádọ́ta, ọgọ́rùn-ún. Kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkójọ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, kì í sábà rántí ẹni tó bù ú lẹ́ẹ̀kan. Bí fóònù bá padà wá fún ìbù kejì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí a dé. Ohun tó bá sọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ orí yìí dá lé.

Ẹ jẹ́ ká lo òkìtì fáìlì lórí tábìlì akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan. Fáìlì tuntun, orí òkìtì ló ń balẹ̀ sí. Nígbà mìíràn, ọ̀gá á wọlé, á yọ ọ̀kan láàárín, á gbé e lọ. Ẹ fẹ́ ka òkìtì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, márùn-ún márùn-ún, akọ̀wé ló sì ń bá yín yọ ọ́. Lẹ́yìn márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ lè sọ fún un pé: "Ẹ ka márùn-ún kúrò lókè, kí ẹ wá fún mi ní márùn-ún tó tẹ̀ lé e." Ẹ sì lè sọ pé: "Ìdì kejì ló kàn mí." Tàbí kí ẹ sọ pé: "Fáìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 16 ni mo kà kẹ́yìn, ẹ fún mi ní márùn-ún tó wà lábẹ́ rẹ̀."

Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pè ní ọ́fúsẹ́ẹ̀tì. A ó máa pè é ní ìfòkà nínú ìwé yìí, torí pé kíkà ni a ń kà kí a tó fò. Èkejì ni bíbéèrè pẹ̀lú nọ́ńbà ojú-ewé. Ẹ̀kẹta ni kọ́sọ̀, tí a ó máa pè ní àmì-ìdúró. Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà mẹ́ta ni, àmọ́ méjì péré ni. Bí ẹ bá bèèrè ìdì kejì, akọ̀wé kò ní ìdì kankan tí wọ́n ti dè sílẹ̀. Ó kàn ń ṣírò lọ́kàn pé ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ márùn-ún, nítorí náà òun yóò ka márùn-ún kúrò. Nọ́ńbà ojú-ewé, ìfòkà tó wọ agbádá ni. Ohun tó bá ṣe ìfòkà yóò ṣe òun náà.

Báyìí ni ìfòkà ṣe rí nínú èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀:

```sql
SELECT id, akoko, akole FROM atunse
ORDER BY akoko DESC, id DESC
LIMIT 50 OFFSET 50;
```

Ìlà kẹta ló ń sọ pé kí ó fo àádọ́ta, kí ó sì mú àádọ́ta wá. Ìlà kejì ń sọ pé kí èyí tó tuntun jù wà lókè.

Ẹ padà sídìí òkìtì wa. Fáìlì 20 ló wà lókè pátápátá, 19 wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn lọ. Ìbù àkọ́kọ́ tí ẹ gbà ni 20, 19, 18, 17 àti 16. Bí ẹ ṣe ń kà á lọ́wọ́, fáìlì méjì tuntun dé, 21 àti 22. Ẹ wá ní kí akọ̀wé ka márùn-ún kúrò lókè. Ó ka 22, 21, 20, 19 àti 18 kúrò, ó sì gbé 17, 16, 15, 14 àti 13 lé yín lọ́wọ́. 17 àti 16 ti padà wá. Akọ̀wé ò ṣe àṣìṣe kankan, ohun tí ẹ ní kí ó ṣe gan-an ló ṣe.

Ká ní kò sí fáìlì tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀gá wọlé, ó gbé 20 àti 18 lọ. Òkìtì wá di 19, 17, 16, 15, 14, 13, 12 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé ka márùn-ún kúrò, ìyẹn 19 títí dé 14, ó sì fún yín ní 13, 12, 11, 10 àti 9. Fáìlì 15 àti 14 ti bọ́ sáàárín ìbù méjèèjì. Ẹ ò rí wọn nínú èyí àkọ́kọ́, ẹ ò sì rí wọn nínú èkejì. Bí ó bá jẹ́ pé ìròyìn eré bọ́ọ̀lù ni, kò sóhun tó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-ìfowópamọ́ kan ń kó àwọn owó tó wọlé lánàá jọ láti fi wé ìwé ìṣirò, owó ẹnì kan ti sọnù nínú ìwé, kò sì sí àmì àṣìṣe kankan tó yọ lójú kọ̀ǹpútà.

Ìṣòro yìí kì í hàn gbangba níbi tí nǹkan kì í ti yí padà kíákíá. Níbi tí ó bá ti ń yí padà ní kíákíá, ó máa ń di ẹ̀rín. Ẹ wo Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ènìyàn àti àwọn ètò aṣiṣẹ́-fúnra-ẹni tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀tì ń tún ṣe tọ̀sántòru. Bí a bá pín in dọ́gba, àtúnṣe bíi méjì ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé ẹnì kan ń ṣọ́ àwọn àtúnṣe yìí kí ó lè mú àwọn tó ń kọ ìkọkúkọ, tó sì ń bu àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ìṣẹ́jú kan ka àádọ́ta àkọ́kọ́. Láàárín ìṣẹ́jú náà, bí 120 àtúnṣe tuntun ti gorí àkójọ. Èyí tó wà nípò kìíní tẹ́lẹ̀ ti lọ sí ipò 121. Bí ó bá wá fi ìfòkà bèèrè àádọ́ta kejì, ipò 51 sí 100 ni yóò gbà, gbogbo wọn ló sì jẹ́ ohun tó dé lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò rí èyí tó kàn án, kò tilẹ̀ rí èyí tó ti kà. Bí ó bá ń bá a lọ báyìí, kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àkójọ náà láéláé, torí pé àkójọ ń ga lókè yára ju bí òun ṣe ń sọ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn tó kọ MediaWiki, ìyẹn ètò tí Wikipéédíà ń lò, fi yan àmì-ìdúró fún irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ ṣí ojú-ewé tó bá wù yín lórí Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti tún ṣe púpọ̀, irú èyí tó ń sọ nípa Èkó. Ẹ tẹ `View history`, kí ẹ tẹ `older 50`, kí ẹ sì wo àdírẹ́sì tó wà lókè ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ óò rí ohun tó bẹ̀rẹ̀ báyìí nínú rẹ̀:

```
offset=20240118093012
```

Orúkọ náà ń tan ni jẹ. Ìfòkà kọ́ rárá ni. Dídíjítì mẹ́rìnlá yẹn, ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n: ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2024, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá. Ohun tí àdírẹ́sì náà ń sọ fún sáfà ni pé ibi tí a dúró sí nìyẹn, kí ó mú àádọ́ta tó ṣáájú rẹ̀ wá. Bí ẹgbẹ̀rún àtúnṣe bá gorí àkójọ lẹ́yìn náà, kò kan ibi tí a dúró sí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pa àtúnṣe tó fún wa ní àmì náà rẹ́, àmì ṣì ń ṣiṣẹ́, torí pé àkókò kan ló ń tọ́ka sí, kò sì sẹ́ni tó lè pa àkókò rẹ́. Akọ̀wé kò nílò kí fáìlì 16 ṣì wà lórí tábìlì kó tó mọ̀ pé 15 ló kàn.

Ní ti èdè dátábéèsì, ìlà kan péré ló wọlé, `OFFSET` sì jáde:

```sql
SELECT id, akoko, akole FROM atunse
WHERE (akoko, id) < ('2024-01-18 09:30:12', 8842)
ORDER BY akoko DESC, id DESC
LIMIT 50;
```

Ẹ óò ti rí i pé nǹkan méjì ni mo kó sínú àmì yìí, àkókò àti nọ́ńbà. Ibí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti máa ń kọsẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀. Ká ní àkókò nìkan la lò. Àtúnṣe 8842 ni ìparí ìbù àkọ́kọ́ wa, àtúnṣe 8841 sì wọlé nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Bí a bá ní kí wọ́n mú èyí tó ṣáájú 09:30:12 wá, 8841 kò ṣáájú rẹ̀, wọn yóò fò ó. Bí a bá ní kí wọ́n mú èyí tó ṣáájú tàbí tó bá 09:30:12 dọ́gba wá, 8842 yóò padà wá. Bí bọ́ọ̀tì kan bá ṣe ọgọ́ta àtúnṣe nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí a sì ń bu àádọ́ta, ètò wa yóò máa gba àádọ́ta kan náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò ní sún síwájú. Ìgbà tí àmì bá ní nọ́ńbà tí méjì kì í jọ jẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń yanjú: bí àkókò bá dọ́gba, nọ́ńbà a dá ẹjọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ètò tó ń gba àkójọ àtúnṣe tuntun lọ́wọ́ Wikipéédíà fi ń rí àmì kan tí wọ́n ń pè ní `rccontinue`, tó jẹ́ àkókò, ìlà òòró kan, àti nọ́ńbà àtúnṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Títí di ibí, ọ̀rọ̀ òótọ́ àti irọ́ là ń sọ: ṣé ohun tó yẹ kí òǹkàwé rí ló rí? Ọ̀rọ̀ ìnáwó náà wà níbẹ̀. Dátábéèsì ń tọ́jú àtọ́ka kan tó to gbogbo ìlà ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀, ó sì ṣe é ní ìpele ìpele. Bí ẹ bá fún un ní àkókò àti nọ́ńbà, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìpele òkè, níbi tí ẹnu ọ̀nà kan ti ń gbé e fo ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà. Nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ìlà, kò ní ju bí ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ kó tó bá ibi tó ń wá. Àmọ́ bí ẹ bá sọ fún un pé kó fo ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, àtọ́ka yìí kò mọ èyí tó wà ní ipò náà. Ó gbọ́dọ̀ kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kó sì dà wọ́n nù.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ẹnì kan fẹ́ kó mílíọ̀nù kan ìlà jáde, àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà 20,000 ni yóò bèèrè. Pẹ̀lú àmì-ìdúró, sáfà yóò ka nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ìlà lápapọ̀. Pẹ̀lú ìfòkà, ìbéèrè kejì ka ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kẹta ka àádọ́jọ, èyí tó gbẹ̀yìn ka odindi mílíọ̀nù kan kó tó rí àádọ́ta tó ń wá. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá. Àmì tí a fi ń dá àìsàn yìí mọ̀ rọrùn: ojú-ewé kìíní yára bí àṣá, ojú-ewé igba ń fà, ojú-ewé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ń mú kí sáfà sọ pé ọwọ́ òun dí. Ẹni tó bá dán ètò rẹ̀ wò lójú-ewé mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan kò ní mọ̀ láé.

Ṣé kí a wá ju ìfòkà àti nọ́ńbà ojú-ewé sígbó ni? Rárá o. Àwọn ohun kan wà tí àmì-ìdúró kò lè ṣe. Kò lè gbé yín fò sí ojú-ewé 37 láìkọjá nínú 36, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí 37 ti bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi dé ìparí 36. Kò lè sọ fún yín pé ojú-ewé mélòó ló kù. Bí àkójọ náà kò bá yí padà mọ́, bí àpẹẹrẹ àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí kò sì ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ, nọ́ńbà ojú-ewé ló dára jù. Òǹkàwé lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "ojú-ewé kejìlá ni kó o wò," ohun kan náà ni ọ̀rẹ́ náà yóò sì bá níbẹ̀.

Wikipéédíà kan náà tó ń lo àmì-ìdúró fún àtúnṣe tuntun, ìfòkà ló ń lò fún ìwákiri. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ń wá, bí èsì kọ̀ọ̀kan ṣe bá ọ̀rọ̀ yín mu tó ni wọ́n fi ń tò ó. Máàkì tí ẹ̀rọ ń fún èsì kì í ṣe ohun tó dúró sójú kan bí àkókò, ẹni tó ń wá nǹkan kì í sì sábà kọjá ojú-ewé kejì tàbí ìkẹta. Ṣùgbọ́n wọ́n fi òpin sí i: bí èsì bá tilẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan, ẹ ò lè fò kọjá 10,000. GitHub, níbi tí àwọn tó ń kọ ètò ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, ń lo `page` àti `per_page` nínú ìwákiri tiwọn, òpin tiwọn sì jẹ́ 1,000. Òpin yìí ni owó-orí tí ẹni tó bá yan ìfòkà gbọ́dọ̀ san. Ẹni tí kò bá fi òpin sí i, bọ́ọ̀tì kan yóò wá lóru ọjọ́ kan, yóò bèèrè ojú-ewé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, sáfà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Àmì-ìdúró fúnra rẹ̀ ní ibi tí ó ti ń yẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni bí ohun tí a fi ń to àkójọ bá lè yí padà. Ká ní iye ẹni tó fẹ́ràn ìròyìn kan la fi ń tò ó, tí a sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí iye náà jẹ́ 35. Ìròyìn kan tó wà ní 30 nísàlẹ̀ ṣàdédé gba ogún sí i, ó fò gòkè sí 50, ẹ̀yìn wa ló bọ́ sí. A ò ní rí i. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn tó ń fi àkókò àtúnṣe ìkẹyìn to nǹkan máa ń bá pàdé. Èrò mi ni pé kí a fi àkókò tí nǹkan náà kọ́kọ́ dé tò ó, torí ìyẹn kì í yí padà. Bí ó bá di dandan kí a fi iye tò ó, kí sáfà ya nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún àkọ́kọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí òǹkàwé máa ka ẹ̀dà tó dúró yẹn títí yóò fi ní òun fẹ́ tuntun.

Èkejì le jù láti rí, àwọn tó ń ka àkójọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ló sì ń bá jà, ìyẹn ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì kan sí ibòmíràn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń sọ pé: 105 ni mo ní kẹ́yìn, ohun wo ló dé lẹ́yìn rẹ̀? Àmọ́ nọ́ńbà kì í dé pẹ̀lú ìparí iṣẹ́. Ẹnì kan gba nọ́ńbà 106, iṣẹ́ rẹ̀ gùn, kò tíì parí. Ẹlòmíràn gba 107, tirẹ̀ parí lójú ẹsẹ̀. Ètò aṣẹ̀dà wá wò ó, 107 nìkan ló rí, torí pé iṣẹ́ tí kò tíì parí kì í hàn sí ẹlòmíràn. Ó gbé 107, ó sì fi í ṣe àmì-ìdúró tuntun. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì lẹ́yìn náà, 106 parí, ó bọ́ sẹ́yìn àmì. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ìbéèrè kankan tí yóò tún mú un jáde.

Ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ sí ètò yín. Ẹ jẹ́ kí ó máa ka àkójọ nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá fi nọ́ńbà tí ó kó wé nọ́ńbà tó wà nílẹ̀. Bí ó bá dín, tí àwọn tó dín sì jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri, wọn ò sábà wà pọ̀ lójú kan, 106 tiyín nìyẹn. Oògùn rẹ̀ kò le. Nígbàkúùgbà tí ètò aṣẹ̀dà bá fẹ́ bèèrè, kí ó sún àmì rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ó tún gba àwọn tó dé láàárín ìṣẹ́jú kan tó kọjá, kí ó sì fi nọ́ńbà yọ àwọn tó ti ní tẹ́lẹ̀ kúrò. Bí ìṣẹ́jú kan kò bá tó, kí ẹ wo bí iṣẹ́ tó gùn jù lọ nínú dátábéèsì yín ṣe máa ń pẹ́ tó, kí ẹ sì sún un ju ìyẹn lọ.